Gbígba Olùrànlọ́wọ́ Aláàbọ̀ Ọjọ́ fún Dídá Oníbàárà Lóhùn

Nínú òwò oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ń ṣe ní Ìrókò, ní Mọ́níyà àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ọjà títà kò parí sórí àtẹ nìkan mọ́. Ẹni tí ó ń yan gàrí tàbí tí ó ń ta èlùbọ́ lè máa tà fún alárobọ̀ tí ó wá láti Bódìjà, kí ó sì tún máa gba ìbéèrè láti Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin lórí Wáàsáàpù, kí oníbàárà fi owó ránṣẹ́ sí báńkì, kí ẹrù sì gun mọ́tò ní gáréèjì Òjóò gẹ́gẹ́ bíi wéébíìlì, èyí tí í ṣe ẹrù tí a fi lé awakọ̀ lọ́wọ́ láìsí olówó ẹrù nínú ọkọ̀. Orí yìí dá lórí ìgbà tí irú òwò bẹ́ẹ̀ bá ti ju agbára ẹnì kan lọ, ṣùgbọ́n tí èrè rẹ̀ kò tíì gbé òṣìṣẹ́ tí yóò máa jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tí onísòwò ń wá nígbà náà ni olùrànlọ́wọ́ aláàbọ̀ ọjọ́, ìyẹn ẹni tí ó ń fi wákàtí mélòó kan lójúmọ́ dá oníbàárà lóhùn, tí ó ń kọ ohun tí wọ́n béèrè sílẹ̀, tí ó sì ń tẹ̀lé ẹrù títí tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á.

Ohun tí ó sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́ kì í ṣe pé olùrànlọ́wọ́ náà kò mọ̀wé tàbí pé ó ya ọ̀lẹ. Gbogbo òfin òwò náà ni ó wà nínú orí onísòwò nìkan: ó mọ oníbàárà tí a lè ta àwìn fún, ó mọ iye tí òun yóò gbà bí wọ́n bá ná ọjà náà délẹ̀, ó mọ awakọ̀ tí í sọ ẹrù nù, kò sì kọ ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀ rí. Bí ó bá gbé fóònù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ kó àwọn òfin wọ̀nyí jáde, fóònù nìkan ni ó gbé fún un; ìbéèrè yóò ṣì máa padà wá bá a lórí agbada, yóò sì wá di pé ó ń san owó fún ẹni tí ń pè é láti béèrè ohun tí oníbàárà béèrè.

Ìwọ̀n iṣẹ́ kí a tó wá ènìyàn

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí onísòwò tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń wá ènìyàn, ó yẹ kí ó fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ fóònù, kí ó sì máa fa ìlà kan fún gbogbo ìbéèrè tí ó bá wọlé, ní abẹ́ wákàtí tí ó wọlé àti irú ìbéèrè tí ó jẹ́. Ìwé yìí ni yóò sọ ohun mẹ́ta fún un: iye wákàtí tí iṣẹ́ náà ń jẹ, apá ibi tí wákàtí náà wà nínú ọjọ́, àti irú ìbéèrè tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí kò ṣe èyí yóò fojú díwọ̀n, ìdíwọ̀n náà kò sì ní í péye, nítorí ìbéèrè tí ó bí ènìyàn nínú máa ń dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ lọ.

Kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, tí orí yìí yóò máa padà sí. Kí a sọ pé obìnrin kan ní Ìrókò ń ta gàrí Ìjẹ̀bú, gàrí pupa tí a fi epo sí, èlùbọ́ iṣu àti láfún, tí ìwé ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì fi hàn pé oníbàárà méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Bí a bá pín ìsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkíni, ìbéèrè iye, níná ọjà, àdírẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ awakọ̀, ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì àti ọgọ́rin ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìyẹn wákàtí mẹ́rin àti ogójì ìṣẹ́jú. Ìwé náà tún fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn ń wọlé láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, ní àkókò gan-an tí ọwọ́ obìnrin náà wà nínú agbada tí èéfín sì bò ó lójú, àwọn ìyókù sì ń wọlé lálẹ́ nígbà tí ó ti jókòó. Kò nílò ẹni tí yóò wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Wákàtí mẹ́rin ni ó nílò, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa dá àwọn ti alẹ́ lóhùn.

Nígbà mìíràn, ìwé ọ̀sẹ̀ náà máa ń sọ pé kò sí ìdí láti gba ẹnikẹ́ni rárá. Bí ìdajì ìbéèrè bá jẹ́ "Èló ni kóńgò?" àti "Ṣé ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Èkó?", kí onísòwò kọ́kọ́ gbé àwọn ọjà rẹ̀ sínú Catalog tí ó wà nínú WhatsApp Business, kí ó sì ṣe ìdáhùn tí a kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú Quick replies, èyí tí í jáde bí ènìyàn bá tẹ ìlà kékeré bí `/eko`, kí ó sì tún ka ìbéèrè fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ohun kan tí kò yẹ kí ó wọ inú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni iye ọjà, nítorí iye gàrí lè yí padà láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì, ìdáhùn àtijọ́ yóò sì máa sọ iye tí kò sí mọ́, ẹni tí ó bá sì ti rí iye tí ó kéré kò ní í gbàgbé rẹ̀.

Irú ẹni tí a ń wá, àti ohun tí a ń san

Ní agbègbè yìí, ẹni àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí onísòwò lọ́kàn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́. Kò burú, ṣùgbọ́n ipò àwọn méjèèjì àti ti olùrànlọ́wọ́ yàtọ̀ síra, àìpín wọn níyà sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wá kọ́ iṣẹ́, ó ní ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, kì í sì í gba owó oṣù. Bí a bá fi í sídìí fóònù fún ọdún kan, a ti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ dù ú, nítorí kì í ṣe Wáàsáàpù ni àwọn òbí rẹ̀ mú un wá kọ́. Ọmọ ilé ń ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́ ẹbí, ó sì ṣòro láti bá a wí tàbí láti dá a dúró láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹbí. Olùrànlọ́wọ́ aláàbọ̀ ọjọ́ ní wákàtí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ àti owó tí ó ń gbà, nígbà tí wákàtí rẹ̀ bá sì pé, ó ń lọ sílé. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ni ó bá kúnjú òṣùwọ̀n, kí a gbà á lábẹ́ àdéhùn kan náà tí a bá fi gba àjèjì, kí ìyá rẹ̀ sì mọ iye tí a ń san.

Ní ti owó, òfin owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà, tí wọ́n gbé sí 70,000 náírà ní ọdún 2024, yọ òṣìṣẹ́ aláàbọ̀ ọjọ́ àti ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a san ohun tí ó bá wu wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń san 80,000 náírà fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù láti oṣù kìíní ọdún 2025, iye yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè náà fi ń díwọ̀n ohun tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n. Bí a bá ka iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí ogójì wákàtí, ogún wákàtí obìnrin inú àpẹẹrẹ wa jẹ́ ìdajì rẹ̀, ó sì yẹ kí owó náà wà ní àyíká 40,000 náírà lóṣù. Kí dátà àti owó ìpè má wọ inú owó oṣù, nítorí olùrànlọ́wọ́ tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà yóò máa pa á mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí oṣù bá ń parí, oníbàárà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Àṣà sísan owó lórí iye ọjà tí ó bá tà dára fún alárobọ̀. Fún ẹni tí ń dá ènìyàn lóhùn kò dára, torí yóò máa sá fún ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ sùn, yóò sì máa lé ẹni tí ó fẹ́ rà.

Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà ní kí olówò fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kan tó: orúkọ àwọn méjèèjì, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, wákàtí, owó àti ọjọ́ tí a ń san án, àti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fi tó ẹnì kejì létí bí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin kan náà sọ pé bí iṣẹ́ kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan tó; bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ìdánwò tí ó wúlò jù fún ẹni tí ó wá béèrè iṣẹ́ náà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Kí onísòwò yan ìbéèrè márùn-ún láti inú fóònù rẹ̀, kí ó yọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà kúrò, kí ó sì ní kí olúwarẹ̀ kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí fóònù, níwájú rẹ̀, láàárín ogún ìṣẹ́jú. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìbéèrè tí kò pé, bíi "Ẹ fún mi ní gàrí 10." Ẹni tí ó bá kàn sọ iye owó ti kùnà, nítorí kò mọ̀ bóyá kóńgò mẹ́wàá ni tàbí kílò mẹ́wàá, kò mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú ni tàbí pupa, kò sì mọ ibi tí ẹrù ń lọ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kí oníbàárà, tí ó sì béèrè ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà nínú ìdáhùn kan ṣoṣo dípò mẹ́ta, ti fi hàn pé òun lè ṣe iṣẹ́ náà. Kí òmíràn jẹ́ ìbéèrè oníṣirò tí owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, kí òmíràn sì jẹ́ ti oníbàárà tí inú ń bí. Ọ̀nà ìkíni ṣe pàtàkì púpọ̀ níhìn-ín: oníbàárà tí ó kọ "Ẹ káàárọ̀" tí ó sì rí iye owó nìkan gbà, láìsí "Ẹ káàárọ̀ mà" tàbí "sà" níwájú rẹ̀, yóò rò pé wọ́n fojú di òun, àgàgà bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà.

Ohun tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí kò ní í sí

Ibi tí ọ̀pọ̀ onísòwò ti ń ṣe àṣìṣe tí ó lágbára jù ni ọ̀rọ̀ síìmù. Nọ́ńbà tí oníbàárà mọ̀ sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà tí báńkì fi ń ránṣẹ́ sí olówó àpò. Bí a bá gbé síìmù yìí fún olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe alẹ́ẹ̀tì nìkan ni a gbé fún un, nítorí orí síìmù yìí náà ni nọ́ńbà ìdánilójú ìgbà kan ń wọlé sí, orí rẹ̀ náà sì ni a ti ń tẹ àwọn kóòdù báńkì tí a fi ń fi owó ránṣẹ́. Píìnì nìkan ni ó kù láàárín ẹni náà àti owó, píìnì sì jẹ́ ohun tí ojú máa ń rí lójoojúmọ́ ní ibi iṣẹ́. Nítorí náà, síìmù báńkì kì í kúrò lọ́wọ́ onísòwò.

Bí òwò náà bá ṣì kéré, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a ra síìmù mìíràn fún òwò nìkan, kí a gbé WhatsApp Business sórí rẹ̀ nínú fóònù kan tí ó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kí fóònù náà má sì bá olùrànlọ́wọ́ lọ sílé. Bí nọ́ńbà àtijọ́ bá ti tàn kálẹ̀ débi tí a kò lè yí i padà mọ́, kí fóònù onísòwò ṣì jẹ́ olórí, kí a sì so fóònù ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn nípasẹ̀ Linked devices, tí ó gbà kí a so ohun èlò mẹ́rin mọ́ nọ́ńbà kan. Fóònù tí a so yìí ń rí ọ̀rọ̀, ó sì ń dáhùn, onísòwò sì lè gé e kúrò láti orí fóònù tirẹ̀ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lo fóònù olórí fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwọn tí a so mọ́ ọn yóò já fúnra wọn. Èyí ó wù kí a yàn, kí onísòwò fi píìnì sí Two-step verification, kí ó má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tí ó bá gba kóòdù ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́ tí kò fura lè gba nọ́ńbà náà mọ́ wọn lọ́wọ́ pátápátá.

Nígbà tí ènìyàn méjì bá ń dáhùn láti orí nọ́ńbà kan, oníbàárà kò mọ ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀, onísòwò náà kò sì ní í mọ ẹni tí ó ṣe ìlérí. Kí olùrànlọ́wọ́ máa fi lẹ́tà kan parí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, bíi "T", kí onísòwò má sì dáhùn láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago kan àfi bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá a. Bí oníbàárà bá gba iye méjì láti ẹnu ènìyàn méjì, èyí tí ó kéré ni yóò dì mú.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí owó ni ó gba ìrònú jù. Àwòrán alẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi ránṣẹ́ kì í ṣe owó. Àwọn gbájúẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣe é, owó tòótọ́ pàápàá sì lè pẹ́ kí ó tó wọlé. Onísòwò nìkan ni ó yẹ kí ó máa wo inú àpò báńkì, ṣùgbọ́n bí olùrànlọ́wọ́ bá níláti pè é nítorí owó kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ agbada yóò dúró. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a dá àkókò sí i: obìnrin inú àpẹẹrẹ wa yóò nu ọwọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àti ní aago méjìlá ààbọ̀, yóò wo inú àpò báńkì, yóò sì fi àmì Paid sára orúkọ àwọn tí owó wọn ti wọlé. Ẹrù tí kò ní àmì yìí kì í jáde. Olùrànlọ́wọ́ ti ní ìdáhùn tí yóò fún ẹni tí ń kánjú: "Ẹ ṣé mà. À ń wo owó tí ó wọlé ní 10:30 àti 12:30. Bí ó bá ti hàn, ẹrù yín yóò bá ọkọ̀ ọ̀sán lọ." Oníbàárà tòótọ́ kì í bínú sí èyí, àkókò tí a dárúkọ fún un ni ó fi ń fọkàn balẹ̀.

Àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà oníbàárà náà kì í ṣe ohun tí olùrànlọ́wọ́ lè kó sínú fóònù ara rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2023 ka irú nǹkan wọ̀nyí sí ìwífún ẹni, tí a kò gbọ́dọ̀ lò fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ẹni náà fi í sílẹ̀ fún. Kí gbólóhùn kan nípa èyí wà nínú ìwé àdéhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti fóònù. Kí olùrànlọ́wọ́ jókòó níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, kí ó rí bí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ti ń fi jáàkì fún omi rẹ̀, bí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ àti bí wọ́n ti ń yan án, kí ó sì tọ́ èyí tí ó pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án àti èyí tí kò pẹ́ wò, kí ó lè mọ ìdí tí gàrí Ìjẹ̀bú fi kan. Kí ó da omi sí méjèèjì. Kí ó ro àmàlà èlùbọ́ iṣu àti àmàlà láfún, kí ó sì jẹ wọ́n. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn kóńgò mẹ́wàá sínú àpò, kí ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ó sì kọ iye kílò rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ọjà kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rí i pé kóńgò gàrí tí ó rí wúruwùru kò wúwo tó ti gàrí kíkúnná, pé kóńgò tí a fi ọwọ́ gbọ̀n kún ju èyí tí a kò gbọ̀n lọ. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi rọ́bà péńtì ra gàrí, rọ́bà náà kò sì dọ́gba láti ọjà kan sí èkejì. Ẹni tí kò tíì wọn ọjà rí yóò gbà fún oníbàárà pé rọ́bà kan jẹ́ kóńgò báyìí, ẹjọ́ yóò sì dé nígbà tí ẹrù bá dé. Ẹni tí ó ti wọ̀n ọ́n yóò fèsì pé, "Kóńgò la fi ń wọ̀n mà, àpò kan yìí jẹ́ kílò báyìí."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, yóò máa kọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò ní í fi í ránṣẹ́ kí onísòwò tó kà á. Iṣẹ́ méjì ni èyí jẹ́ fún onísòwò, ó sì máa ń sú u ní ọjọ́ kẹta. Kí ó fara dà á, nítorí inú àtúnṣe ọ̀sẹ̀ yìí ni àwọn òfin tí ó wà nínú orí rẹ̀ ti ń jáde. Ìgbàkígbà tí ó bá sọ pé, "Rárá, má sọ bẹ́ẹ̀ fún un," kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ sì kọ ìdí náà sínú ìwé òfin ṣọ́ọ̀bù. Òfin mẹ́ta kan kì í sábà jáde bí a kò bá béèrè wọn. Ọ̀kan ni ti níná: iye tí onísòwò yóò gbà bí oníbàárà bá ní, "Èló ni ẹ máa gbà?" Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀ lókè ojú ewé ọjọ́ náà, iye tí a pè àti iye tí a kò ní í kọjá, kí olùrànlọ́wọ́ sì máa fi kún ìdáhùn rẹ̀ pé iye náà wà títí di alẹ́ ọjọ́ náà. Èkejì ni ti èènì. Oníbàárà tí ó ti ń rà lórí àtẹ retí èènì, yóò sì béèrè fún un lórí fóònù. Bí a kò bá sọ ìwọ̀n rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ yóò sọ pé kò sí, tàbí kí ó fi ọwọ́ ọlá bù ú. Kí a pinnu, fún àpẹẹrẹ, pé ẹni tí ó ra kóńgò mẹ́wàá ní èènì ife kan, ẹni tí ó ra odidi àpò ní kóńgò kan. Ẹ̀kẹta ni àwìn, òfin rẹ̀ sì kúrú: olùrànlọ́wọ́ kì í ta àwìn fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ onísòwò, onísòwò nìkan ni ó lè gbà á láyè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò máa fi ìdáhùn tirẹ̀ ránṣẹ́ fún ìbéèrè iye, irú ọjà, ìwọ̀n àti "Ẹrù mi dà?", yóò sì máa gbé àwọn ìyókù wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, yóò dá dúró, onísòwò yóò sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́. Kí a san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, torí iṣẹ́ ni.

Nígbà tí ẹrù bá bàjẹ́ tàbí tí ó bá sọnù

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ olùrànlọ́wọ́ lórí jù ni ẹjọ́, nítorí ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ó ń pinnu bóyá oníbàárà yóò tún padà wá. Kí a sọ pé oníbàárà kan ní Ọ̀jọ́ta kọ̀wé ní ọjọ́ Ajé pé kòkòrò wà nínú èlùbọ́ iṣu tí òun gbà. Ẹni tí a kò kọ́ yóò fèsì pé, "Èlùbọ́ wa kì í ní kòkòrò," ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí a kọ́ yóò kọ pé: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, ó dùn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ fún wa, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ gbà á àti ibi tí ẹ gbé e sí. A ó fún yín lésì kí aago kan tó lù. T." Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ìwé ẹrù.

Ìwé ẹrù yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ìlà kan fún ẹrù kan, àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ni ọjọ́, orúkọ, irú ọjà àti ìwọ̀n, nọ́ńbà àpò tí a ti bù ú, àmì owó, orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, wákàtí tí ọkọ̀ kúrò, àti ọjọ́ tí oníbàárà sọ pé ó dé. Nọ́ńbà àpò ni àwọn onísòwò kì í fẹ́ kọ, òun sì ni ó wúlò jù. Bí olùrànlọ́wọ́ bá rí i pé àpò kẹtàdínlógún ni a ti bù ú, tí ẹlòmíràn méjì sì ra nínú àpò kan náà, yóò mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ṣí ohun tí ó kù nínú àpò náà wò. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ẹ̀bi ṣọ́ọ̀bù ni, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn méjì yòókù kí àwọn náà tó kọ̀wé. Bí àpò náà bá mọ́ tónítóní, tí oníbàárà sì ti gbà á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibi tí ó gbé e sí, olùrànlọ́wọ́ yóò sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ bí a ti ń sá a sóòrùn tí a sì ń sẹ́ ẹ.

Agbára tí olùrànlọ́wọ́ ní láti dá nǹkan padà gbọ́dọ̀ ní ààlà, ó sì sàn kí ààlà náà jẹ́ ti ìwọ̀n ju ti owó lọ, torí owó ọjà ń yí, kóńgò kì í yí. Kóńgò méjì ni olùrànlọ́wọ́ inú àpẹẹrẹ wa lè fi rọ́pò láìbéèrè; ohun tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí èyí tí oníbàárà bá ní kí a dá owó òun padà, ti onísòwò ni. Ẹrù tí kò dé yàtọ̀: kí olùrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ pe awakọ̀, kí ó tó dá oníbàárà lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ wéébíìlì tí wọ́n ní ó sọnù ṣì wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ tí ó ti padà sí Òjóò.

Àwọn àmì wà tí onísòwò lè fi mọ̀ pé nǹkan ti ń yí. Bí oníbàárà kan náà bá ń béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìdáhùn àkọ́kọ́ kò yé e. Bí oníbàárà tí ó máa ń rà lóṣooṣù bá dákẹ́, kí onísòwò pè é fúnra rẹ̀, kí ó má béèrè nípa olùrànlọ́wọ́, kí ó kàn kí i. Ọ̀rọ̀ yóò jáde bí ó bá wà níbẹ̀. Bí iye ìlà inú ìwé ẹrù bá ń dín kù ní ọjọ́ márùn-ún tí olùrànlọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ti ọjọ́ méjì yòókù kò yí padà, ó ṣeé ṣe kí ó lọ́ra láti dáhùn, tàbí kí ó ti máa darí oníbàárà sí nọ́ńbà mìíràn. Kí onísòwò ka ìsọ̀rọ̀ ogún láti inú ọ̀sẹ̀ náà kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí ó tún lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́kì ni kò dára ní ilé náà láàárọ̀, tí ẹ̀sùn náà kò sì ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ bá fẹ́ lọ, ì báà jẹ́ ilé ìwé ni ó padà sí tàbí ilé ọkọ, kí ó lo ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn láti fi kọ́ ẹni tí ó ń bọ̀ ní ohun tí ó wà nínú ìwé òfin ṣọ́ọ̀bù, kí ó dá fóònù àti ìwé ẹrù padà níṣojú ẹlẹ́rìí kan, kí onísòwò sì ṣí Linked devices ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó tẹ ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí kò bá mọ̀, kí ó sì yan Log out.